Epo ọ̀kadà tó ń tètè tán: ohun tí àwọn ọlọ́kadà máa ń béèrè, àti ìdáhùn wọn

Boxer 100 tó ń lo kábúrétọ̀ ni a ní lọ́kàn nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, torí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé èrò nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ọ̀kadà kékeré mìíràn mu, àmọ́ kí ẹ wo ìwé tiyín fún nọ́ńbà táyà àti ti ṣéènì. Bíréèkì, táyà, ṣéènì, fílítà àti pọ́lọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò; kábúrétọ̀ ni kí ẹ ṣe kẹ́yìn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ iye epo tí ọ̀kadà mi ń mu gan-an?

Ẹ má fi owó tí ẹ ń ná lójúmọ́ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye owó epo kò dúró sójú kan mọ́, epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà kì í sì í sábà pé lítà. Lítà àti kilómítà ni kí ẹ lò.

Ẹ kún táǹkì dẹ́nu ní ilé epo, kí ẹ kọ nọ́ńbà kilómítà tó wà lójú mítà sílẹ̀. Ẹ ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ títí epo yóò fi lọ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ gbé máṣìn dúró ṣánṣán, kí ẹ sì kún un dé ibi tó dé lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kilómítà tí ẹ rìn. Ká ní mítà wà ní 14,320 tẹ́lẹ̀, ó wá di 14,482, lítà 3.6 ló sì wọlé. Kilómítà 162 ni ẹ rìn. Tí ẹ bá fi 3.6 pín in, 45 ni yóò fún yín: kilómítà 45 lórí lítà kan.

Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹni tó ń ta epo lè dáwọ́ dúró díẹ̀ ṣáájú ibi tó dá a dúró sí nígbà àkọ́kọ́, ìṣirò yín yóò sì yí padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹni tí mítà rẹ̀ ti kú lè fi máàpù orí fóònù wọn ọ̀nà tó ń tọ̀ lójoojúmọ́.

Èló ni mo lè rí fi pamọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́kadà tó ń rin kilómítà 120 lójúmọ́ ṣírò. Tí máṣìn rẹ̀ bá ń rin 45 lórí lítà kan, yóò mu bíi lítà 2.67. Tí àtúnṣe bá gbé e dé 52, yóò mu bíi 2.31. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦900, ó ti fi nǹkan bíi ₦320 pamọ́ lójúmọ́ nìyẹn, tàbí bíi ₦8,400 tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù.

A ò ṣèlérí 52 fún ẹnikẹ́ni. Máṣìn tí kò ní àbùkù púpọ̀ kò ní ibi tí yóò ti mú èrè ńlá wá. Èyí tí táyà rẹ̀ rọ̀, tí ṣéènì rẹ̀ gbẹ, tí bíréèkì rẹ̀ sì ń di kẹ̀kẹ́ mú ló máa ń yí padà jù.

Kí ló dé tí ẹ fi ní kábúrétọ̀ ni kí n ṣe kẹ́yìn?

Torí kábúrétọ̀ kò mọ ìdí tí ẹ fi ń fún máṣìn níná. Tí táyà bá rọ̀, ẹ ó yí ọwọ́ sí i kí máṣìn tó sáré bó ṣe máa ń sáré, epo púpọ̀ yóò sì lọ. Bí mẹkáníìkì bá wá dín epo kù níbi kábúrétọ̀, ìṣòro táyà ṣì wà ńbẹ̀, ẹ́ńjìnì tí kò lágbára ni ẹ fi kún un. Ẹ ó tún yí ọwọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi máṣìn sí nútírà, kí ẹ sì tì í. Ó yẹ kó máa lọ wẹ́rẹ́ láìgba agbára púpọ̀. Tó bá ń wọ́, ẹ gbé e sórí sítáńdì àárín, kí ẹ fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn. Tó bá dúró lójú ẹsẹ̀, tí ẹ sì gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú rẹ̀, bíréèkì ń mú un. Ẹ tú nọ́ọ̀tì bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ yóò fi yí fàlàlà, kí ẹ sì rí i pé bíréèkì ṣì ń mú nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá yí padà, bóyá ìdọ̀tí ti há sínú dírọ́ọ̀mù, tàbí apá tó ń ṣí bíréèkì kò padà sáyè rẹ̀ mọ́. Ó di kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà gun ọ̀kadà, ṣé ó ń jẹ epo tó bẹ́ẹ̀?

Ó ń jẹ ẹ́ gan-an. Ibi tí epo ti ń ṣòfò jù ni kí ẹ fi gbogbo agbára sáré, kí ẹ wá fi bíréèkì pa gbogbo eré náà lójijì. Epo tó gbé yín dé eré yẹn ti di ooru nínú bíréèkì. Ẹni tó bá rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú, tó dẹ ọwọ́ sílẹ̀ láti òkèèrè, tó jẹ́ kí máṣìn rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀nà á ti là kó tó débẹ̀, kò sì ní nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti jíà kìíní.

Lójú títì gbalasa, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Láti kilómítà 50 sí 70 ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dí yín lọ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lórí irú ọ̀nà bíi ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ẹ wà láàárín 45 sí 55 pẹ̀lú jíà tó kẹ́yìn, kí ọwọ́ yín sì dúró sójú kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ó fi pẹ́ ju ẹni tó ń fò lọ.

Ẹ tètè máa yí jíà, àmọ́ kí ẹ má fi jíà kẹrin gun òkè tí èrò bá wà lẹ́yìn yín. (A mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà kì í ṣe ìjókòó èèyàn méjì, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.) Tí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n, tí ẹ fún un níná tí kò dáhùn, epo ń wọlé láìṣe iṣẹ́ tó yẹ. Ẹ já a sí jíà kẹta.

Àṣà mẹ́ta kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé àwọn ní: gbígbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì ẹ̀yìn láìmọ̀, fífi ìdajì kílọ́ọ̀ṣì dá máṣìn dúró lórí òkè, àti gbígbàgbé láti dá ṣóókù tí ẹ fi jí ẹ́ńjìnì padà láàárọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ṣóókù ló burú jù fún epo. Tí ẹ́ńjìnì bá ti lè dá dúró láìkú, ẹ dá a padà.

Ṣé kí n pa ẹ́ńjìnì tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnì láti orí Òkè Mọ́kọ́lá, tàbí lórí àwọn ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ń lọ sókè sódò, ti fi bíréèkì nìkan dá gbogbo ẹrù náà dúró, bíréèkì tó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́. Epo tí ẹ́ńjìnì ń mu nígbà tí ẹ bá dẹ ọwọ́ sílẹ̀ pátápátá kéré. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú jíà, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì bá yín fa máṣìn sẹ́yìn.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti pa á ni ibi tí ẹ ti dúró gan-an: lórí ìlà epo, lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó ń wá owó, tàbí níbi tí ọ̀nà ti dí pa. Tó bá ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ pa á. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í fẹ́ ṣóókù láti jí.

Nọ́ńbà wo ni kí n fi afẹ́fẹ́ sí táyà dé?

Fún Boxer 100, 25 ni ti iwájú. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 28 tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, àti 32 tí ẹ bá gbé èèyàn. Nọ́ńbà psi ni gbogbo wọn, bó ṣe wà lójú géèjì. Ẹni tó ń gbé èrò látàárọ̀ dalẹ́ kò nílò láti máa tú u, kó máa kún un; kó fi ti ẹ̀yìn sí 32, kó gbàgbé 28.

Láàárọ̀, kí ẹ tó jáde, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Táyà tó ti rìn nínú oòrùn ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti wú, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀ ní ọ̀sán kó lè padà sí 32, yóò ti rẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí túùbù máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí kò tiẹ̀ sí ihò kankan.

Ṣé tí mo bá kún un jù, kò ní túbọ̀ fi epo pamọ́?

Yóò fi díẹ̀ pamọ́, ẹ ó sì san án padà níbòmíràn. Táyà tó le bí òkúta kì í di ilẹ̀ mú nígbà òjò, àárín rẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà sì ń dé ìdí yín. Lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, á máa tàkìtì kiri, ẹ ó sì máa dín iná kù, kí ẹ tún fi kún un.

Ẹ ṣọ́ra fún géèjì àwọn fọkanáísà. Òmíràn ti ṣubú lulẹ̀ láìmọye ìgbà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi ìka wọ̀n ọ́n. Géèjì kékeré tiyín tí ẹ lè kó sápò kò wọ́n, òun ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́.

Báwo ni ṣéènì ṣe yẹ kó le tó?

Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní agbedeméjì sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kí ẹ gbé e sókè sílẹ̀. Kó máa rìn bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Lórí Boxer tí ṣéènì rẹ̀ wà nínú àpótí, ẹ yọ rọ́bà kékeré tó dí ihò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí ṣéènì tó ti jẹ kì í rọ̀ bákan náà yípo. Ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n.

Àṣìṣe tí a máa ń rí jù ni kí wọ́n fà á le gan-an kó má baà dún. Ṣéènì tó le jù ń fa bẹ́ríǹgì àpótí jíà àti ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, ó sì ń gba agbára tó yẹ kó dé ilẹ̀. Tí ẹ bá ń fà á, kí àmì tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì bára dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́ yóò wọ́, ṣéènì yóò sì máa ha ẹ̀gbẹ́ eyín sípírókẹ́ẹ̀tì.

Láti mọ̀ bóyá ó ti parí, ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó gbá sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá mú jù lẹ́yìn pátápátá. Tó bá ṣí sílẹ̀ tí ìdajì eyín fi hàn, ó ti parí. Ẹ pààrọ̀ òun àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti tẹ̀ bí ìkọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọ́ìlì wo ni kí n fi sí i? Ṣé ọ́ìlì tí wọ́n dà nù láti inú ẹ́ńjìnì ò dára?

Kò dára. Ọ́ìlì dúdú yẹn kún fún èédú àti irin lúbúlúbú tó já láti inú ẹ́ńjìnì, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé yóò fò dà sí táyà kó tó wọ inú ṣéènì. Ọ́ìlì jíà tí wọ́n kọ SAE 90 sí lára ni kí ẹ rà. Ìgò kan yóò pẹ́.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán ọ́ìlì sí apá inú ṣéènì bí ẹ ṣe ń yí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí yóò ráyè wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní bíi kilómítà 500 síra wọn, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ má dúró de 500.

Wọ́n ní kí n da káńfọ̀ sínú táǹkì. Ṣé ó ń dín epo kù?

Rárá. Èyí tí kò bá yọ́ tán lè dí jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀.

Kí ni kí n wò kí n tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀?

Fílítà afẹ́fẹ́ àti pọ́lọ́ọ̀gì. Fílítà tó ti dí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tó, epo á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ má gùn ún láìsí fílítà o. Iyanrìn tó bá wọlé yóò jẹ pístìnnì àti ríìngì.

Lẹ́yìn ìrìn tó tó bí kilómítà márùn-ún, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Àwọ̀ bíi ti kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí dára. Tó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Tó bá funfun, epo kéré jù, ẹ́ńjìnì sì ń gbóná kọjá ààlà. Tó bá dúdú tó sì tutù pẹ̀lú ọ́ìlì, ríìngì tàbí rọ́bà fáàfù ni kí ẹ lọ wò. Kò sí sùkúrù kábúrétọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn.

Báwo ni a ṣe ń yí sùkúrù kábúrétọ̀ gan-an?

Sùkúrù méjì ló wà. Èyí tó ń gbé páálì inú kábúrétọ̀ sókè ni ti sílò, ìyẹn eré tí ẹ́ńjìnì fi ń dún tí a ò bá fún un níná. Èkejì, tó kéré, tó sì wọnú ihò, ni ti àdàlù epo àti afẹ́fẹ́. Òun ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Ẹ gun máṣìn títí yóò fi gbóná dáadáa. Ẹ gbé sílò sókè díẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ rọra yí sùkúrù kékeré wọlé, kí ẹ máa ka iye ìyípo, títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì lè ṣẹ́ sínú. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ó padà sí tí nǹkan bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i jáde ní ìyípo kan àtààbọ̀, kí ẹ jí ẹ́ńjìnì.

Ẹ wá máa yí i ní ìdámẹ́rin ìyípo, síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìró ẹ́ńjìnì yóò máa ga, yóò sì débi kan tí yóò tún máa rẹlẹ̀. Ibi tó ti ga jù, tó sì dún geere, ni kí ẹ fi í sílẹ̀ sí. Ẹ dá sílò padà sílẹ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi dún pẹ̀lẹ́ láìfẹ́ kú. Ní ìkẹyìn, ẹ fún un níná lójijì. Tó bá dá dúró díẹ̀ kó tó gbéra, epo kéré díẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ní kí n yí i jáde kí epo lè dínkù, òmíràn ní kí n yí i wọlé. Ta ni mo fẹ́ gbàgbọ́?

Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, torí kábúrétọ̀ kò rí bákan náà. Ẹ wo ibi tí sùkúrù náà wà. Tó bá wà lápá fílítà, afẹ́fẹ́ ló ń ṣàkóso: tí ẹ bá yí i jáde, afẹ́fẹ́ pọ̀, epo dínkù. Tó bá wà lápá ẹ́ńjìnì, epo ló ń ṣàkóso: tí ẹ bá yí i jáde, epo pọ̀ sí i.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé sùkúrù yìí kò lágbára ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, láti sílò dé bí ìdámẹ́rin ọwọ́ iná. Láti ibẹ̀ dé bí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ni ìyókù. Nítorí náà, ẹni tí epo rẹ̀ ń tán lórí eré títì kò lè rí ìwòsàn gidi nídìí sùkúrù.

Sùkúrù wà níbi tó yẹ, pọ́lọ́ọ̀gì ṣì dúdú. Kí ló kù?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ẹ pa máṣìn, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì epo sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wo páìpù kékeré tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀. Tó bá ń kán, fáàfù fúlóòtù kò dí epo mọ́, tàbí ìdọ̀tí há sí i. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo, epo ti ń jò wọnú ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún fáàfù ṣe, kó tó ba ẹ́ńjìnì jẹ́.

Tí kò bá kán, ẹ wò bóyá ṣóókù ń padà sáyè rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ṣóókù lè ti padà, kí ọ̀pá inú rẹ̀ sì há sókè.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́. Kílíìpù kékeré kan wà lórí rẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn ihà tó gbẹ́ sí i lára. Tí ẹ bá gbé kílíìpù sókè ní ihà kan, abẹ́rẹ́ yóò wálẹ̀, epo yóò sì dínkù. Ihà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wọn epo bí a ti ṣàlàyé lókè, kí ẹ sì wo pọ́lọ́ọ̀gì. Tó bá ń funfun lọ, ẹ dá a padà.

Tó bá tún kọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fọ kábúrétọ̀ náà gbẹ̀yìn ohun tó fi gún jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, idẹ sì rọ̀. Wáyà kéébù bíréèkì tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti mú ihò náà fẹ̀, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mú un kéré mọ́. Ẹ ra jẹ́ẹ̀tì tuntun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà tó.

Ṣé kò burú kí n dín epo kù dé ibi tó kéré jù?

Ó burú. Ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ kéré jù máa ń yìnbọn ní sáyílẹ́ńsà tí ẹ bá dẹ ọwọ́, ó máa ń ṣòro jí láàárọ̀, kì í sì í lágbára lórí òkè, ẹ ó wá máa fún un níná sí i. Ooru rẹ̀ lè jó fáàfù tàbí kó ba pístìnnì jẹ́.

Tí àmì wọ̀nyí bá yọ lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kábúrétọ̀, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì lè ti sán. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì wà ní sílò, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀bá rọ́bà náà. Tí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà, kí ẹ sì fi sùkúrù sílẹ̀ níbi tó wà.